Ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì Màmá wa kọ, èyí tí ẹ̀rọ kọ yìí ò jọ wọ́n rárá

Àbẹ̀kẹ́_Sẹ́ńtà

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mátírọ́ọ̀nù wa ń fẹ̀yìn tì ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, 1990 ni wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ọdún márùndínlógójì ti pé gbáko, sẹ́ńtà ìlera wa níbí ní Ìbàdàn ni wọ́n sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ mi ní èmi ni màá sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wa. Èmi tí mi ò dúró níwájú èrò rí! Mo wá ní kí ẹ̀rọ tó máa ń bá èèyàn kọ̀wé lórí fóònù bá mi gbé e kalẹ̀, ohun tó kọ rèé:

"Ó jẹ́ ìdùnnú ńlá fún mi láti dúró níwájú yín lónìí láti ṣe ayẹyẹ fún obìnrin àgbàyanu kan. Fún ọdún márùndínlógójì, o ti jẹ́ òpó fún ilé iṣẹ́ wa. Ìfọkànsìn rẹ, ìwà rere rẹ àti iṣẹ́ takuntakun rẹ ti fọwọ́ kan ẹ̀mí àìlóǹkà. Ní ọdún 2015, o gba àmì ẹ̀yẹ nọ́ọ̀sì tó dára jù lọ. Ìfẹ̀yìntì kì í ṣe òpin, bí kò ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orí tuntun. A ó ṣàfẹ́rí rẹ."

Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí, ó ní "ta ni wọ́n ń sọ?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra torí kò sí nǹkan tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí tí kì í ṣe Màmá ló kọ́ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tún un ṣe? Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún mi.

Ìyá_Alága_Mọ́kọ́lá

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o káre tí o tètè wá. Iṣẹ́ alága ni mò ń ṣe, ìdúró àti ìjókòó, mo sì ti di máíkì mú níbi ìfẹ̀yìntì tó pọ̀. Jẹ́ n bi ọ́ léèrè mẹ́ta kí n tó sọ̀rọ̀.

Àkọ́kọ́, ta ló ń pe Màmá ní "o"? "O ti jẹ́ òpó", "ìwà rere rẹ". Àgbàlagbà tó gbẹ̀bí ọmọ ọmọ ẹlòmíì! Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ nínú máíkì, àwọn àgbà tó wà níwájú ò ní gbọ́ nǹkan míì mọ́.

Èkejì, àmì ẹ̀yẹ 2015 yẹn, ṣé wọ́n gbà á lóòótọ́?

Ẹ̀kẹta, yọ Màmá kúrò nínú ọ̀rọ̀ yẹn, fi awakọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ sí i. Kí ló yí padà?

Àbẹ̀kẹ́_Sẹ́ńtà

Áà. Mà, ẹ ṣeun tí ẹ rí i. Mi ò tiẹ̀ kíyè sí "o" yẹn. Àmì ẹ̀yẹ kankan ò sí o, mo rò pé bóyá àwọn àgbà ibi iṣẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀ ni, mo wá bi akọ̀wé wa, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí. Mi ò sì sọ nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ náà, ó kàn fi sí i ni. Ẹ̀rù bà mí, torí mo ti fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Ti awakọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò yí padà.

Tíṣà_Ìsẹ́yìn

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ ni pé Yorùbá kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìbà lẹ ó kọ́kọ́ jú, ẹ ó wá kí alága, ẹ kí àwọn lọ́balọ́ba, ẹ kí kánsẹ́lọ̀, ẹ kí dókítà àgbà, ẹ kí gbogbo ẹ̀ka ẹ̀ka, lẹ́yìn náà ẹ ki Màmá ní oríkì ilé bàbá wọn, ẹ wá fi òwe mẹ́ta mẹ́rin gbè é lẹ́sẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn tán ọ̀rọ̀ ti dùn. Mo tún fẹ́ bèèrè, kí ló dé tí wọ́n ń lọ ní ọdún márùndínlógójì? Ṣebí òfin tuntun ti ní ọdún márùnlélọ́gọ́ta ni tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀yọ́

Tíṣà, ti ẹ̀yin olùkọ́ nìyẹn, òfin 2022. Ti Màmá, ọgọ́ta ọdún tàbí ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́ ni, èyí tó bá yá nínú méjèèjì. Ọ̀tọ̀ ni kànga yín.

Ìyá_Alága_Mọ́kọ́lá

Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ pé a gbọ́dọ̀ kí èèyàn. Àmọ́ ẹ ka ìṣẹ́jú yẹn. Alága ètò á ti kí gbogbo wọn, ẹni tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ á ti kí wọn, kánsẹ́lọ̀ á ti kí ara wọn. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá tún fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọn, méjì ló kù fún Màmá. Ìkíni ẹ̀ẹ̀kan péré, "mo kí gbogbo yín, àgbà àti ọmọdé, mo bẹ̀ yín ẹ jẹ́ n yí ojú sí Màmá", ó tó. Oríkì nìkan ni mo gbà, tí ẹnìkan nínú ẹbí bá lè fún un ní ìlà méjì tó dájú. Oríkì tí a ṣì kì burú ju kí a má kì í lọ.

Bàbá_Pẹ́ńṣọ̀n

Ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́tà ìfẹ̀yìntì ò ní kí ẹ kọ ìtàn gígùn síbẹ̀ o. Ẹ kọ orúkọ, nọ́mbà fáìlì, ọjọ́ tí wọ́n gbà yín, ọjọ́ tí ẹ ń lọ, oṣù mẹ́ta ṣáájú ni kó ti dé tábìlì wọn. Kí ẹ sì rí i dájú pé déètì ìbí tó wà nínú fáìlì bá ti ìwé àkọ́kọ́ mu, torí ibẹ̀ ni owó èèyàn ti ń há. Èmi lo ọdún méjì gbáko lórí òǹkà kan ṣoṣo tí wọ́n kọ ṣì.

Àbẹ̀kẹ́_Sẹ́ńtà

Bàbá ẹ ṣeun sà, ọ̀rọ̀ tí màá sọ níbi àpèjẹ ni mò ń kọ, kì í ṣe lẹ́tà. Ṣùgbọ́n màá sọ ti déètì yẹn fún Màmá.

Dèjì_Kọ̀ǹpútà

Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀rọ náà pátápátá. Kí lo kọ sí i? Tí o bá kọ "bá mi kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì fún mátírọ́ọ̀nù wa" nìkan, ibo ló fẹ́ ti rí Màmá? Ohun tí gbogbo ayé máa ń sọ níbi ìfẹ̀yìntì ló kó jọ fún ẹ. Fún un ní ìtàn, sọ fún un pé "ẹ" ni kó máa lò, sọ fún un pé kó má fi nǹkan tí o ò sọ kún un. Wàá rí ìyàtọ̀.

Ìyá_Alága_Mọ́kọ́lá

Ìtàn yẹn náà ni kò tíì sí lọ́wọ́ ẹ̀, Dèjì. Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, gbọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe é. Má lọ bá èèyàn kí o ní "irú èèyàn wo ni Màmá?" Wọ́n á ní "èèyàn dáadáa ni", ọ̀rọ̀ á tán. Bi wọ́n pé "kí lẹ gbọ́ lẹ́nu Màmá tí ẹ ò tíì gbàgbé?" Bi wọ́n pé "ọjọ́ wo ni Màmá bí yín nínú tàbí tí wọ́n yà yín lẹ́nu?" Bi wọ́n pé "kí ló máa ń wà lọ́wọ́ wọn?" Kí o sì kọ́kọ́ bá àwọn tí wọn kì í fún ní máíkì sọ̀rọ̀: gáàdì, ẹni tó ń gbálẹ̀, ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì. Àwọn ọ̀gá á sọ ohun tó wà nínú fáìlì fún ẹ, àwọn yìí ló rí Màmá ní òru. Ní kí wọ́n sọ ọ́ sínú fóònù lórí wátsáàpù kí ọ̀rọ̀ wọn má sọnù, bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí o kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Pẹ́kámù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ọkọ mi wa bọ́ọ̀sì fún ọdún méjìlélógún níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní káàdì ńlá kan, gbogbo èèyàn kọ "a kí ọ kú oríire" síbẹ̀, ẹni kan péré ló kọ pé "mi ò ní gbàgbé òjò dídì ọjọ́sí tí o fún mi ní ìbọ̀wọ́ rẹ tí o sì fi ọwọ́ lásán wakọ̀ délé". Káàdì yẹn ti gbó, ìlà yẹn nìkan ló ṣì máa ń kà fún àlejò. Àbẹ̀kẹ́ wá irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Sẹ́ńtà

Ọjọ́ méjì rèé mo ti ń yí ká. Èèyàn mọ́kànlá ni mo bá sọ̀rọ̀. Mẹ́jọ ní "wọ́n lójú àánú" wọ́n sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá gáàdì sọ, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́:

"Òjò ọdún 2011 yẹn, ti oṣù kẹjọ, ọjọ́ Jímọ̀. Màmá ló wà ní dúúti òru. Omi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó dé orúnkún mi. Mo ní Màmá, ẹ jẹ́ ká sá lọ sórí òkè. Wọ́n ní rẹ́jísítà wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní ìwé lẹ ń sọ yẹn Màmá? Wọ́n ní orúkọ gbogbo ọmọ tí a bí níbí ló wà níbẹ̀, ìyá tó bá wá bèèrè ọjọ́ tí òun bímọ, ibo la fẹ́ nà án sí? La bá kó wọn lé orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí. Báàgì Màmá àti bàtà wọn wà nílẹ̀, omi gbé e lọ. Nígbà tí oòrùn jáde, a sá ìwé sórí pèpéle, a fi òkúta tẹ̀ ẹ́, Màmá ń ṣí i léwé léwé kó má baà lẹ̀ pọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é."

Mo lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Rẹ́jísítà méjì ṣì wà níbẹ̀, etí ìwé ti di àwọ̀ ẹrẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà ní sẹ́ńtà yìí, mo ti ṣí ìwé yẹn àìmọye ìgbà wá orúkọ ọmọ, mi ò bèèrè rí ohun tó ṣe é. Mo jókòó síbẹ̀ mo sunkún.

Ìyá_Alága_Mọ́kọ́lá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. O ti rí i. Gbogbo "ìfọkànsìn" tí ẹ̀rọ yẹn ń sọ, bàtà tí omi gbé lọ yẹn ni.

Dèjì_Kọ̀ǹpútà

Mo gba ìtàn Bàbá gáàdì, mo fi sínú ẹ̀rọ, mo ní kó fi kún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kí ó sì lo "ẹ". Ẹ wo ohun tó mú wá:

"Ní alẹ́ kan tí ìjì líle ń jà, ẹ fi ìgboyà àti ìfara-ẹni-jìn dáàbò bo àwọn àkọsílẹ̀ pàtàkì ilé ìwòsàn wa, èyí tó fi hàn pé ẹ̀yin jẹ́ aṣáájú tòótọ́."

Ó lo "ẹ" lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo gbà fún yín, ó ti bó ìtàn náà lára.

Ìyá_Alága_Mọ́kọ́lá

Ẹ ka ohun tó gbé sọnù: 2011 ti di "alẹ́ kan", omi orúnkún ti di "ìjì", rẹ́jísítà ti di "àkọsílẹ̀ pàtàkì", bẹ́ẹ̀dì ò sí mọ́, bàtà ò sí mọ́, Bàbá gáàdì fúnra ẹ̀ ti pòórá. Ó wá fi ìparí sí i pé aṣáájú tòótọ́ ni wọ́n. Tí o bá ti sọ ti bàtà, àwọn èèyàn á fúnra wọn mọ̀ pé aṣáájú ni. Tí o bá tún sọ ọ́ fún wọn, ńṣe lò ń gba iṣẹ́ wọn ṣe.

Dèjì_Kọ̀ǹpútà

Mo gbọ́ mà. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé ó wúlò. Tí Àbẹ̀kẹ́ bá kọ ọ́ tán, ó lè bá a fi àmì ohùn sí i, ó sì lè sọ fún un ibi tí ọ̀rọ̀ ti gùn jù.

Ìyá_Alága_Mọ́kọ́lá

Àmì ohùn tí mo ti rí lọ́wọ́ ẹ̀ ti sọ ọkọ́ di ọkọ̀. Kó bá etí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe é. Ẹ̀gbọ́n tó ní "ta ni wọ́n ń sọ" yẹn, òun ni olùdámọ̀ràn tó dáa jù lọ.

Àbẹ̀kẹ́_Sẹ́ńtà

Mo ti ní méjì míì, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀kan ni ti fèrè. Màmá ní fèrè igi tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ nínú ikùn, ó máa ń wà nínú àpò yúnífọ́ọ̀mù wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ oníbátìrì dé, gbogbo wa sá sí i. Bátìrì á kú láàárín klínììkì, Màmá á mú fèrè jáde, wọ́n á ní "etí ò nílò bátìrì". Kò sí ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ tí kò fi fèrè yẹn ka lílù ọkàn ọmọ fún wọn.

Èkejì ni tèmi, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n sọ ọ́. Ọdún 2014, oṣù kejì mi lẹ́nu iṣẹ́. A ń lọ fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára ní àdúgbò kan, wọ́n ní kí n kó kúlà. Mo kó áìsì páàkì tààrà láti inú fírísà sínú kúlà, mo to abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀márùn-ún tì í. A dé ibẹ̀, àwọn ìyá ti tò, Màmá ki ọwọ́ bọ kúlà, wọ́n gbé ìgò kan sókè sí oòrùn, yìnyín wà nínú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀yọ́

Éèwọ̀. Irú yẹn tó bá ti dì, ó ti bàjẹ́, bó yọ́ padà náà kò ní dáàbò bo ọmọ mọ́, ojú lásán sì lè má fi hàn lẹ́yìn tó bá ti yọ́. Ṣe lo yẹ kó o gbé áìsì páàkì síta títí omi á fi máa dún nínú ẹ̀ tí o bá mì ín, kí o tó fi sínú kúlà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣe àṣìṣe yẹn níbẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kó pa ọ́. Kí ni Màmá ṣe?

Àbẹ̀kẹ́_Sẹ́ńtà

Wọn ò wo ojú mi rárá. Wọ́n yíjú sí àwọn ìyá, wọ́n ní "ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe kan wà lọ́dọ̀ wa, abẹ́rẹ́ yìí ò dáa mọ́, ẹ fún wa ní wákàtí kan". Lọ́dọ̀ WA. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn padà pẹ̀lú mi nínú oòrùn lọ kó òmíì. Ìyá kan ń kùn pé kí wọ́n ṣáà fún ọmọ òun ní èyí tó wà nílẹ̀. Lójú ọ̀nà Màmá ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a ti ń pa ìwé dé ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní "Àbẹ̀kẹ́, ìyá ọmọ ò lè fojú rí i nínú ìgò. Àwa ló gbà gbọ́." Wọn ò mẹ́nu bà á mọ́ títí dòní.

Ìyá_Ìbejì_Pẹ́kámù

Omi bọ́ lójú mi. Èyí gan-an ni kí o sọ.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ ká rọra. Dókítà àgbà ìjọba ìbílẹ̀ á jókòó síbẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó lè ní "ṣé ẹ kọ ìgò tó bàjẹ́ yẹn sílẹ̀?" Tí wọ́n bá kọ ọ́, kò sí wàhálà. Tí wọn ò bá kọ ọ́, Màmá lo fẹ́ kó bá lọ́jọ́ ayọ̀ wọn. Lọ wo ìwé abẹ́rẹ́ ọdún yẹn kí o tó la ẹnu. Nǹkan kejì, àwọn ìyá ọmọ. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni, má sì sọ nǹkan bí "obìnrin tó bí ìbẹta ládùúgbò wa", torí kò sí ẹni tí ò ní mọ̀ ọ́n. Ohun tí a bá rí lórí bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló ń gbé, kódà níbi àríyá.

Tíṣà_Ìsẹ́yìn

Èmi ní kó má sọ ọ́. Ọjọ́ ayọ̀ ni, kí ló kan àṣìṣe níbẹ̀? Àwọn èèyàn á ní ilé ìwòsàn yìí ń ba abẹ́rẹ́ jẹ́, wọn ò ní gbé ọmọ wá mọ́.

Ìyá_Alága_Mọ́kọ́lá

Tíṣà, ẹ̀rù yẹn ní ìdí, mi ò ní fojú di í. Àmọ́ ìtàn yìí ò bú Màmá, Àbẹ̀kẹ́ ló ru ẹ̀bi ẹ̀, Màmá ló sì dá a nídè. Ìyá tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ní sẹ́ńtà yìí wọ́n kúkú da abẹ́rẹ́ nù ju kí wọ́n fún ọmọ òun ní èyí tó ti bàjẹ́. Ohun tí mi ò ní gbà ni kó sọ ìtàn tí ojú á fi ti ẹlòmíì. Tìẹ lo lè sọ.

Àbẹ̀kẹ́_Sẹ́ńtà

Mo ti wo ìwé. Màmá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, iye ìgò, ìdí, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ rèé, ẹ bá mi wò ó:

"Mo kí gbogbo yín o, àgbà, ọmọdé, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n kọ ojú sí Màmá.

Màmá, ẹ ò mọ̀ pé mo ti ń ṣe ìwádìí yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo bèèrè lọ́wọ́ Bàbá gáàdì, ẹ jọ̀ọ́ Bàbá ẹ dìde. Wọ́n sọ fún mi nípa òjò ọdún 2011. Mo ti ń ṣí rẹ́jísítà méjì tí etí wọn pọ́n bí ẹrẹ̀ yẹn fún ọdún mọ́kànlá, mi ò mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ fi ń gbẹ̀bí lẹ gbé wọn sí lóru ọjọ́ yẹn tí omi dé orúnkún. Bàbá ní kí ẹ sá. Ẹ ní ìyá tó bá wá bèèrè ọjọ́ tí òun bímọ, ibo la fẹ́ nà án sí? Omi gbé báàgì yín lọ, ó gbé bàtà yín lọ. Ẹsẹ̀ lásán lẹ fi dúró sórí pèpéle láàárọ̀ tí ẹ ń ṣí ìwé léwé léwé. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bèèrè ọjọ́ ìbí ẹ̀. Inú ìwé yẹn ni mo ti rí i fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá, ta ló rántí fèrè? Wọ́n á ní kí o di ọwọ́ aboyún mú, kí o wá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ́rùn ọwọ́, kí o tó gbé etí sí fèrè, kó o má baà ka ti ìyá pe ti ọmọ. Wọ́n á ní 'mélòó?' O ní ọgọ́rin. Wọ́n á ní 'ìyá lò ń gbọ́, ọmọ ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, tún un kà.' Àárín 110 sí 160 ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ, a ó sì kà á títí etí wa á fi mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú, wọ́n á ní etí ò nílò bátìrì.

Ìkẹta, tèmi ni. 2014, oṣù méjì ni mo tíì lò lẹ́nu iṣẹ́, mo jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dì nínú kúlà. Èmi ni. Màmá ò fi mí han ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ fún àwọn ìyá pé àṣìṣe wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n bá mi rìn padà nínú oòrùn lọ kó òmíì. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n ní 'Àbẹ̀kẹ́, ìyá ọmọ ò lè fojú rí i nínú ìgò. Àwa ló gbà gbọ́.' Màmá, mi ò gbé kúlà rí láti ọjọ́ yẹn kí n má kọ́kọ́ mi áìsì páàkì létí mi.

Ẹ ó jẹun ọmọ. Ẹsẹ̀ yín á gùn nílé ayé. Rẹ́jísítà wà lọ́wọ́ wa, a ò ní jẹ́ kí omi gbé e."

Ìyá_Alága_Mọ́kọ́lá

Ọmọ dáadáa. Nǹkan méjì péré. "Ẹsẹ̀ yín á gùn nílé ayé", fi "ẹ ó pẹ́ láyé nínú ìlera" rọ́pò ẹ̀, àdúrà tí gbogbo ilé lè ṣe àmín sí láìronú ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kí o sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn "ẹ jọ̀ọ́ Bàbá ẹ dìde", jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Bàbá tán kí o tó tẹ̀síwájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní gbọ́ ti òjò. Tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní lẹ́tà gàdàgbà, má ka á lórí fóònù, iná fóònù á kú tàbí kí ìpè wọlé. Sọ fún ẹni tó ń lu orin pé kó má fi orin sí abẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Tí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí, lọ dúró sí ìhà kejì.

Àbẹ̀kẹ́_Sẹ́ńtà

Mo ti kà á fún ẹ̀gbọ́n mi, mo fi fóònù ka àkókò, ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀. Kò bèèrè ẹni tí wọ́n ń sọ. Ó ní "kí ni wọ́n fi ṣe bàtà nígbà tí wọ́n ń lọ sílé?" Mi ò mọ̀. Mo gbàgbé láti bèèrè.

Tíṣà_Ìsẹ́yìn

Ó dára, mo gbà pé ó dára. Ti abẹ́rẹ́ yẹn ṣì ń kọ mí lóminú.

Àbẹ̀kẹ́_Sẹ́ńtà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè. A ti ṣe é. Bàbá gáàdì dìde, ariwo sọ, mo dúró bí Màmá Alága ṣe wí. Bí mo ṣe ní "rẹ́jísítà méjì" báyìí, Màmá ká ọwọ́ sókè láti orí ìjókòó, wọ́n ní "mẹ́ta ni! Ẹ̀kẹta ni ti ìfètò sọ́mọ bíbí, ìyẹn ni omi bà jẹ́ pátápátá, mo tún un dà kọ!" Bàbá gáàdì náà ní "òótọ́ ni, mẹ́ta ni", àwọn méjèèjì wá ń bá ara wọn sọ ọ́ níbẹ̀, èmi ò gbọ́ apá kan ẹ̀ rí, mo kàn di máíkì dání mò ń gbọ́. Mo bi Màmá nípa bàtà. Wọ́n ní ìyàwó Bàbá gáàdì ló yá àwọn ní sílípáàsì.

Dókítà àgbà ò sọ nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́ lójú èrò. Àmọ́ ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn jíjẹ mímu, ó ní kí n mú ìwé 2014 yẹn wá sí ọ́fíìsì òun lọ́jọ́ Ajé, mi ò tíì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀yọ́

Mú un lọ bó ṣe wà. Ìfọwọ́sí Màmá wà níbẹ̀. Kí o padà wá sọ fún wa.